Lẹ́tà ìbéèrè fún ipò igbákejì pirinsípà: ẹ bá mi wo ìpínrọ̀ àárín

Olùkọ́Ìṣirò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ béèrè fún ipò igbákejì pirinsípà tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn, kì í ṣe ibi tí mo wà báyìí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọdún 11 lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 4 tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, èmi ni olórí ẹ̀ka ìṣirò, èmi náà ni mo sì ń ṣe àtẹ ìdánwò fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun mẹ́ta ni ìkéde wọn béèrè fún: ẹni tó lè darí àwọn olùkọ́, ẹni tó lè ṣe àtẹ iṣẹ́ àti ti ìdánwò, ẹni tó lè wo èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe sí i. Wọ́n ní lẹ́tà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé 1 lọ. Tèmi ti wọ ojú ìwé kejì, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Ìpínrọ̀ àárín rẹ̀ rèé:

*"Mo jẹ́ olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dọ́kàn. Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti kíláàsì kìíní títí dé kíláàsì àṣekágbá, wọ́n sì ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Mo jẹ́ olórí ẹ̀ka, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìdánwò, mo wà nínú ìgbìmọ̀ eré ìdárayá, mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò. Mo ní ẹ̀mí adarí, mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, mo sì gbà pé mo kúnjú òṣùwọ̀n."*

Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sí i?

BàbáAkọ̀wé

Ọmọ mi, lẹ́tà ìbéèrè iṣẹ́ ní ìlànà tirẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ àti déètì kọ́kọ́ wà lókè, àdírẹ́sì tiwọn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ipò náà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ìkéde. Má fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ o, torí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè máa wá èèyàn sí ipò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń to ìwé kò ní mọ èyí tí tìrẹ bá tan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ti girama dé ti yunifásítì, pẹ̀lú ọdún tí o gbà wọ́n. Kí o wá fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fojú àánú wo ìbéèrè rẹ. Èdè rẹ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ń bá ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ nípa òkè lẹ́tà àti nọ́ńbà ìkéde tọ̀nà, kí Olùkọ́Ìṣirò ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà pẹ̀lú yín lórí ti ìwé-ẹ̀rí. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Bí wọ́n bá tún un kọ sínú lẹ́tà, ìlà 6 tàbí 7 ti lọ lásán nínú ojú ìwé kan ṣoṣo. Ti ẹ̀bẹ̀ náà ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kò ní àyè máàkì fún àánú.

Olùkọ́Ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe máa ń ka lẹ́tà wọ̀nyí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ìpínrọ̀ yín wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé kan máa ń wà níwájú oníkálukú nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí ìkéde béèrè fún wà lápá òsì, àyè máàkì wà lápá ọ̀tún. Bí a ṣe ń ka lẹ́tà ni à ń wá gbólóhùn tí a lè tọ́ka sí pé, "ibí yìí ló ti dáhùn èyí." Tí a kò bá rí i, òfo la ó kọ síbẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wa lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ìwé máàkì yẹn wo ìpínrọ̀ yín. Dídarí olùkọ́: ẹ kọ "mo jẹ́ olórí ẹ̀ka", ṣùgbọ́n orúkọ ipò nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Àtẹ iṣẹ́ àti ìdánwò: ẹ ní ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ẹ sọ fún wa níbí pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣe àtẹ náà. Ẹ ti já ara yín walẹ̀. Lílo èsì: "wọ́n ń ṣe dáadáa" kò sọ ohun tí ẹ wò àti ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn tí ẹ wò ó. Gbólóhùn tó kù jẹ́ ti olùkọ́ tó dáa nínú kíláàsì. Olùkọ́ tó dáa sì ni gbogbo ẹni 30 tó kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tí ẹ ń wá yìí, àwọn àgbàlagbà ni ẹ ó máa darí níbẹ̀, àti ètò tó gbọ́dọ̀ máa lọ bí ẹ kò bá tilẹ̀ sí nítòsí.

Ẹ dá mi lóhùn lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ká lè tún un kọ. Olùkọ́ mélòó ló wà lábẹ́ yín? Kí lẹ máa ń ṣe pẹ̀lú wọn láàárín táàmù? Kí ló bàjẹ́ nínú àtẹ ìdánwò kí ẹ tó gbà á, kí lẹ sì yí padà? Èsì wo lẹ wò rí tó mú kí ẹ yí ètò ẹ̀kọ́ padà?

Ẹlẹ́sẹ̀Ayọ̀

Tí pirinsípà yín kò bá fẹ́ fi yín sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ló máa sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa gbé yín lọ.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ẹlẹ́sẹ̀Ayọ̀, ìyẹn lẹ́tà ẹni tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ kan náà níbòmíràn. Ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n ń béèrè fún níbí, àwọn mìíràn sì ń bá wọn du ú.

Olùkọ́Ìṣirò

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ìdáhùn mi rèé.

Olùkọ́ 5 ló wà ní ẹ̀ka wa yàtọ̀ sí mi. Mo máa ń lọ jókòó sí kíláàsì olúkúlùkù lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù, a ó sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn 2 kan wà tí kì í tètè máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo bá wọn fi ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ padà sínú ètò, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì dúró.

Ti àtẹ ìdánwò: wọ́n máa ń fi orúkọ olùkọ́ kan sí yàrá méjì ní wákàtí kan náà. Àárọ̀ ìdánwò ni wọ́n máa ń mọ̀, tí àwọn ọmọ á ti jókòó tí kò sí ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo to orúkọ olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo to wákàtí sí òkè, kí orúkọ kan má lè ní ju yàrá kan lọ lábẹ́ wákàtí kan. Mo ń lẹ̀ ẹ́ síta ní ọjọ́ 5 ṣáájú kí ẹni tí kò bá rọrùn fún lè sọ, mo sì ń fi olùkọ́ 2 sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún pàjáwìrì. Láti ìgbà náà, a ti ṣe ìdánwò táàmù 6, kò sí yàrá kankan tó ṣófo.

Ti èsì: nínú ìdánwò ìgbáradì kíláàsì àṣekágbá, ọmọ 118 ló ṣe é. Mo ka ìwé wọn ní ìbéèrè-ìbéèrè. Níbi ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, 71 ló fò ó tàbí tí wọn kò rí máàkì kankan gbà. A rí i pé ìparí táàmù kejì la máa ń kọ́ ọ, nígbà tí àyè ti há. A gbé e síwájú ní ọ̀sẹ̀ 3, gbogbo wa sì ń fi ìbéèrè kan irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 38 nínú ọmọ 112 ló fò ó tàbí tí kò rí nǹkan gbà.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbogbo èyí wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń kọ "mo ní ẹ̀mí adarí." Ẹ gbàgbé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àti eré ìdárayá, wọ́n ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ìpínrọ̀ kan yín yẹn á di mẹ́ta kéékèèké, bí ìkéde ṣe tò wọ́n ni kí ẹ tò wọ́n:

*"Olùkọ́ 5 ni mo ń darí ní ẹ̀ka ìṣirò. Mo máa ń wo iṣẹ́ olúkúlùkù nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù, a sì máa ń jíròrò lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí 2 nínú wọn ń fi máàkì ìwé falẹ̀, mo bá wọn gbé ọjọ́ ìdápadà kalẹ̀, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi dúró.*

*Láti ọdún 4 ni mo ti ń ṣe àtẹ ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ wa. Tẹ́lẹ̀, orúkọ olùkọ́ kan lè bọ́ sí yàrá méjì ní wákàtí kan náà, àárọ̀ ìdánwò la sì máa ń mọ̀. Mo tún àtẹ náà ṣe kí èyí má lè ṣẹlẹ̀, mo ń gbé e síta ní ọjọ́ 5 ṣáájú, mo sì ń yan olùkọ́ 2 sílẹ̀ fún pàjáwìrì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdánwò táàmù 6 tó tẹ̀ lé e, kò sí yàrá kankan tí kò ní olùṣọ́.*

*Nínú ìdánwò ìgbáradì kíláàsì àṣekágbá, mo ka èsì ní ìbéèrè-ìbéèrè, mo sì rí i pé 71 nínú ọmọ 118 ni kò rí máàkì gbà lórí ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka, mo gbé ẹ̀kọ́ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ 3, a sì fi ìbéèrè kan irú rẹ̀ kún iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye náà wálẹ̀ sí 38 nínú 112."*

Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rìn: ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí ẹ ṣe sí i, ohun tó yí padà. Ẹ tún ṣọ́ra fún "mo" àti "a". Níbi tí ẹ̀yin nìkan ti ṣe é, ẹ kọ "mo". Níbi tí ẹ ti jọ ṣe é, ẹ kọ "a". Lẹ́tà tó jẹ́ kìkì "a", ìgbìmọ̀ kò ní mọ ohun tí ẹni náà ṣe. Èyí tó jẹ́ kìkì "mo", wọ́n á rò pé kì í ka ẹlòmíràn sí, bẹ́ẹ̀ igbákejì pirinsípà kò lè dá nǹkan kan ṣe.

KòGbọ́Hẹ̀n

Àǹtí, ẹ má bínú o, nǹkan kan ń ta mí lójú níbẹ̀. "Nígbà tí 2 nínú wọn ń fi máàkì ìwé falẹ̀." Nínú olùkọ́ 5, ẹni tó bá mọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn á mọ àwọn tó ń bá wí. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ sì lè mọ̀ wọ́n, ayé àwọn olùkọ́ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ipò tí wọ́n fẹ́ fi í sí, ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn olùkọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti ń tú u nínú lẹ́tà, kí ni yóò ṣe tó bá dé ibẹ̀?

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Òótọ́ lẹ sọ, ó yọ̀ mọ́ mi lójú. Olùkọ́Ìṣirò, ẹ yí i sí báyìí: *"Nígbà tí máàkì ìwé ń falẹ̀ ní ẹ̀ka wa, a gbé ọjọ́ ìdápadà kalẹ̀ fún gbogbo wa, èmi náà pẹ̀lú, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi dúró."* Iṣẹ́ náà ṣì hàn, kò sì sí ẹni tí a nàka sí. Ṣùgbọ́n kí "èmi náà pẹ̀lú" jẹ́ òótọ́ o. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Kẹ́míṣìrìLáàárọ̀

Èmi kì í ṣe olórí ẹ̀ka, n kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ ìdánwò. Ọdún 8 ni mo ti ń kọ́ kẹ́míṣìrì, olùkọ́ kíláàsì sì ni mí. Irú ipò yìí náà ló wù mí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé mo darí àwọn olùkọ́ nígbà tí mo bá olórí ẹ̀ka wa dipò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: "Mo di ipò olórí ẹ̀ka mú fún ọ̀sẹ̀ báyìí-báyìí", kí ẹ sì sọ ìpinnu kan tí ẹ ṣe nígbà yẹn. "Mo darí ẹ̀ka" láìsí iye ọ̀sẹ̀, ìbéèrè kejì nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló máa tú u.

Ẹ tún wo iṣẹ́ olùkọ́ kíláàsì yín dáadáa. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú rẹ́jísítà? Ṣé ẹ ti rí ọmọ kan tó ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì pe àwọn òbí? Ṣé ẹ ti kó máàkì láti ọwọ́ olùkọ́ 9 tàbí 10 jọ fún ìwé èsì, tí gbogbo rẹ̀ sì wọlé lásìkò? Iṣẹ́ alábòójútó ni gbogbo ìyẹn. Kíkó máàkì jọ lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò sí lábẹ́ ẹni le ju dídarí ẹni tó wà lábẹ́ ẹni lọ, ìgbìmọ̀ tó mọ iṣẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ìkéde bá sọ pé ó di dandan kí èèyàn ti ṣe olórí ẹ̀ka fún ọdún kan pàtó, lẹ́tà kankan kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹni tó ń to ìwé á ti yọ tiyín sọ́tọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ẹ wo bóyá "dandan" ni wọ́n kọ tàbí "ó wù wá".

BàbáAkọ̀wé

Mo gbà pé ìpínrọ̀ mẹ́ta yẹn gbé e. Àmọ́ mo ṣì rò pé lẹ́tà tí kò ní ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ kankan á dún bíi ti agbéraga. Àti pé kò tíì sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kó sọ pé òun á tún gbogbo ètò ìdánwò wọn ṣe.

KòGbọ́Hẹ̀n

Háà, Bàbá, ẹ má jẹ́ kó kọ ìyẹn! Kò tíì dé ibẹ̀, ta ló sọ fún un pé ètò ìdánwò wọn bàjẹ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló jókòó sí àárín ìgbìmọ̀ náà.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ó ń ṣẹlẹ̀ o. Bàbá sì ní ìdí kan, lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Gbólóhùn 2 tó fún un. Ẹ mú ohun kan tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ, bóyá nínú ìkéde tàbí nínú ìwé tí wọ́n gbé síta, kí ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ yín. Bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n bá ní iye akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń pọ̀ sí i: *"Ìkéde yín sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i. Ìpín yàrá àti olùṣọ́ ìdánwò ló máa ń kọ́kọ́ dà rú nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì ti ń ṣe láti ọdún 4 nìyẹn."* Kò bú ètò wọn, kò sì ṣèlérí nǹkan tí kò mọ̀. Tí ẹ bá lè yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, tí ìpínrọ̀ náà ṣì bá a mu, ẹ mọ̀ pé kò tíì ṣiṣẹ́.

Ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú pípe nǹkan ní iye tó jẹ́. 38 nínú 112 kì í ṣe gbogbo wọn, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Onímọ̀Èsì

Ó kù díẹ̀ kí n má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró lórí 71 àti 38 yẹn. Ẹ̀yin tó ń gbà á níyànjú pé kó kọ nọ́ńbà, ẹ ti rò ó pé ọmọ ọdún kìíní kọ́ ni ọmọ ọdún kejì? Ó lè jẹ́ pé àwọn ti ọdún kejì yá ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè ọdún kejì rọrùn. Tí mo bá wà nínú ìgbìmọ̀, ohun tí mo máa béèrè nìyẹn.

Olùkọ́Ìṣirò

Èmi ni mo ṣe ìbéèrè méjèèjì. Wọ́n fara jọra gan-an, nọ́ńbà àti ìtàn inú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ti àwọn ọmọ, n kò lè sọ.

Onímọ̀Èsì

Ẹ fi "lórí ìbéèrè tó fara jọ ọ́" kún un nígbà náà, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni. Ẹ má sì kọ ọ́ pé àyípadà yín "ló fà á". Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ kọ iye tó tẹ̀ lé e, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá béèrè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ṣé ó dá yín lójú, ẹ lè sọ pé àwọn ọmọ yàtọ̀, pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi fẹ́ wo ọdún kẹta. Mo mọ̀ pé ÀǹtíÌgbìmọ̀ á ní nọ́ńbà ló ń fa ojú. Ó ń fa ojú lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò lè gbèjà burú ju kó má sí rárá.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

N kò bá yín jà lórí ìyẹn.

Olùkọ́Ìṣirò

Ó ku ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kúrò nínú kíláàsì? Ìkejì, n kò tíì bójú tó owó ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ṣé kí n jẹ́wọ́ rẹ̀?

KòGbọ́Hẹ̀n

Ti owó, ẹ fi sílẹ̀. Ìkéde kò béèrè fún un, kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín gbé àléébù síwájú wọn fún? Ká ní wọ́n béèrè ni, ẹ ò bá kọ èyí tó sún mọ́ ọn jù tí ẹ ti ṣe, bíi kíka ìwé ìkọ́ni àti irinṣẹ́ ẹ̀ka àti kíkọ iye tí ẹ nílò fún ọdún tó ń bọ̀.

Ti kíláàsì, ẹ má kọ ọ́ pé ó ti sú yín, tàbí pé ẹ fẹ́ "ìpèníjà tuntun". Mo rò pé kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ ṣì fẹ́ máa kọ́ kíláàsì kan. Àwọn olùkọ́ máa ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tó ṣì ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Èyí, n kò dájú. Ibi mìíràn wà tí igbákejì pirinsípà ní wákàtí ìkọ́ni nínú iṣẹ́ rẹ̀, ibi mìíràn sì wà tí kò ní rárá. Níbi tí kò ti ní, tí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n lè rò pé ẹ kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, tàbí pé ọkàn yín ò tíì kúrò níbi tí ẹ wà. Ẹ ka àpèjúwe iṣẹ́ náà. Tí kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi ò ní kọ ọ́.

KòGbọ́Hẹ̀n

Èmi á kọ ọ́.

BàbáAkọ̀wé

Èmi náà á kọ ọ́.

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Ó dáa, ẹ ti pọ̀ jù mí lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ló wá kù. Ẹ má fi "mo rí ìkéde yín, inú mi sì dùn" bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ: *"Mo ń béèrè fún ipò igbákejì pirinsípà tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́. Láti ọdún 4 ni mo ti ń darí ẹ̀ka ìṣirò tó ní olùkọ́ 5, tí mo sì ń ṣe àtẹ ìdánwò fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa."* Kí ẹni tó ń ka lẹ́tà ogún tó sinmi, ó ti mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ní ìparí, ẹ sọ ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí olùkọ́ kò lè fi kíláàsì àṣekágbá sílẹ̀ lójijì láàárín táàmù, ìgbìmọ̀ sì fẹ́ mọ̀. Gbogbo rẹ̀, láti "Ọ̀gá mi" dé orúkọ yín, kó má ju ọ̀rọ̀ 400 lọ.

ẸniFáìlì

Mo ń to ìwé ìbéèrè iṣẹ́ lọ́fíìsì, kí n fi tèmi kún un. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní PDF, torí fáìlì tó ṣeé tún kọ lè tú sí ojú ìwé 2 lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ ó sì ti rú òfin ojú ìwé 1 láìmọ̀. Orúkọ tí ẹ fún fáìlì náà kó ní orúkọ yín àti ipò náà. "Letatuntun2" kò ràn wá lọ́wọ́. Nínú ímeèlì, ìlà 3 tó: ipò, nọ́ńbà ìkéde, ohun tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ má tún lẹ́tà kọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ń kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ju ọ̀kan lọ, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tàkọ́kọ́ nínú fáìlì tèkejì. Òkè lẹ́tà ni gbogbo èèyàn máa ń rántí yí padà. Ìpínrọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń tú wọn fó.

Olùkọ́Ìṣirò

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ó ti di ọ̀rọ̀ 371, ojú ìwé 1. Mo ti fi "lórí ìbéèrè tó fara jọ ọ́" sí i. "Èmi náà pẹ̀lú" dúró, torí òótọ́ ni. Ìkéde ní kí a kọ orúkọ ẹni 2 tó lè jẹ́rìí wa, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá tí a ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Pirinsípà mi kò tíì mọ̀ pé mo ń wá ibòmíràn. Ṣé kí n kọ ọ́ láì sọ fún un?

ÀǹtíÌgbìmọ̀

Rárá o. Ẹ sọ fún un kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè kàn sí i lọ́jọ́ kejì, ohun tí ọ̀gá tí wọ́n bá lójijì máa kọ kì í dáa. Ẹ fún un ní ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí nọ́ńbà 6, 71 àti 38 yẹn má jẹ́ tuntun létí rẹ̀.

KòGbọ́Hẹ̀n

Tó bá jẹ́ ọ̀gá tó máa ń gbẹ̀san ńkọ́? Ẹlòmíràn á gba àtẹ ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ó lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n má kàn sí ọ̀gá òun àfi tí wọ́n bá ti pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ máa ń gba irú ẹ̀.

ẸniFáìlì

Àwọn kan máa ń gbà á. Ibi tí mo wà, tí àlàfo ẹlẹ́rìí bá ṣófo, ìwé náà kò pé. Ṣùgbọ́n tí orúkọ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkíyèsí yẹn, a máa ń dúró. Kó pè wọ́n lórí fóònù kó béèrè kó tó fi ránṣẹ́.